Adìẹ Tó Ń Sàba àti Àpótí Tó Fẹ́ Ṣe Bíi Tirẹ̀

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, mẹ́rin nínú àwa tí à ń kọ búlọ́ọ̀gì yìí lọ lo ìsinmi ní abúlé ìyá ìyá ọ̀kan nínú wa, ní apá Ìsẹ́yìn. Ìyá Àgbà ń sin adìẹ ìbílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan tó wà ní Èkó ra inkubétọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí i, èyí tó ń lo iná mànàmáná, tí ẹyin bíi 48 lè wọ inú rẹ̀. Ìyá ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, pé àwa tí a wà ní yunifásítì la máa bá òun fi ẹyin sí i. A kó ẹyin 36 sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, àgbébọ̀ kan wọlé sàba lórí ẹyin 11 nínú agbọ̀n àtijọ́ kan lẹ́bàá ibi ìdáná.

Nígbà tí ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, adìẹ pa 9 nínú 11. Àpótí tiwa pa 16 nínú 36. Ìyá Àgbà ò sọ̀rọ̀ burúkú kankan sí wa. Ó kàn ka àwọn òròmọdìẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé èyí tí ẹ kà nílé ìwé náà nìyí?" Ó dùn wá, nítorí pé ẹyin 36 kì í ṣe ohun kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń fi owó ẹyin ra epo àti iyọ̀. Nígbà tí a padà sí ilé ìwé, dípò kí a jókòó ti iṣẹ́ àkànṣe wa, ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ adìẹ la ń kà. A rí i pé àṣìṣe tí a ṣe kì í ṣe tuntun rárá. Àwọn kan ti ṣe é ṣáájú wa ní nǹkan bí igba ó lé àádọ́rin ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí adìẹ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé "sàba" kì í ṣe "jókòó" lásán. Adìẹ lè jókòó lórí ẹyin kó máà sàba. Nígbà tí ó bá fẹ́ sàba, omi ara kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pirolákítìn máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò ní yé mọ́, ohùn rẹ̀ á yí padà, á máa wú ìyẹ́ rẹ̀ sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ìyẹ́ abẹ́ àyà rẹ̀ á sì ré títí ara á fi hàn ní ìhòòhò. Ojú ara yẹn ni àṣírí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lábẹ́ awọ ibẹ̀, ó gbóná, ó sì ń kan ẹyin gan-an láìsí ìyẹ́ láàárín. Ara adìẹ gbóná tó nǹkan bíi dígíríì 41 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òkè ẹyin nìkan ló ń gba ooru yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, adìẹ á ti ẹnu bọ abẹ́ ara rẹ̀, á fi àgógó fa ẹyin kan síwájú, á ti òmíràn sẹ́yìn. Èyí tó wà létí á bọ́ sí àárín. Ó ń ṣe èyí lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló máa ń dìde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún láti jẹun, mu omi àti yàgbẹ́, á sì padà.

Ìṣẹ́jú ogún yẹn kò pa ẹyin lára. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Àwọn ará Íjíbítì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí láìsí adìẹ ní ọ̀nà tó tóbi. Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Íjíbítì wọ́n máa ń ri ẹyin mọ́ inú ààtàn ìgbẹ́ ẹran títí yóò fi pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lo ilé ààrò tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́. Ọ̀nà tóóró kan wà láàárín, yàrá kéékèèké sì wà lọ́tùn-ún lósì, èyí tó wà nísàlẹ̀ fún ẹyin, èyí tó wà lókè fún iná. Ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ àti koríko ni wọ́n ń sun, nítorí pé iná wọn kì í ru sókè, ńṣe ló máa ń rọra jó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ló ń wà nínú ilé ààrò kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí tẹmómítà kankan. Òṣìṣẹ́ á wọlé, á mú ẹyin kan, á fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ara ibẹ̀ á sọ fún un bóyá ó gbóná jù tàbí ó tutù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gbogbo ẹyin náà padà. Nígbà tí ó bá tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á jẹ́ kí iná kú, nítorí pé ọlẹ̀ inú ẹyin ti dàgbà tó láti máa mú ooru tirẹ̀ jáde, wọ́n á sì tẹ́ àwọn ẹyin náà káàkiri kí wọ́n máa mú ara wọn gbóná.

Àdéhùn tó wà láàárín oníṣẹ́ ààrò àti àwọn tó ń gbé ẹyin wá ló wú wa lórí jù. Àwọn arìnrìn-àjò ròyìn pé ẹni tó bá gbé ẹyin mẹ́ta wá yóò gba òròmọdìẹ méjì. Bí ó bá lé, ti oníṣẹ́ ni. Bí ó bá dín, ó di gbèsè sí i lọ́rùn. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn tiwa, ẹyin 36 yẹ kó mú òròmọdìẹ 24 wá fún Ìyá Àgbà. A jẹ ẹ́ ní gbèsè 8.

Ní ilẹ̀ Faransé, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ René-Antoine Ferchault de Réaumur fẹ́ gbé iṣẹ́ àwọn ará Íjíbítì wá sí ìlú rẹ̀. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1749. Réaumur yìí ní tẹmómítà tó fúnra rẹ̀ ṣe, nítorí náà kò nílò ìpéǹpéjú. Ó rò pé bí òun bá ti mọ ìwọ̀n ooru, ó tán. Ó lo ooru ìgbẹ́ ẹṣin. Ooru náà péye, síbẹ̀ ẹyin ń kú. Ohun tó rí ni pé ooyì àti ọ̀rinrin tó ń jáde láti ara ìgbẹ́ ló ń wọ inú ẹyin lọ pa ọlẹ̀. Ó wá lo àgbá onígi tó ri sínú ìgbẹ́, tó rẹ́ inú rẹ̀, tó sì fi ìdérí oníhò bò ó, kí ooru lè wọlé kí ooyì má wọlé. Ibẹ̀ ni òye ti yé àwọn ènìyàn pé ooru nìkan kọ́ ni adìẹ ń fún ẹyin.

Ọ̀rọ̀ ooru gan-an, Charles Hearson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yanjú rẹ̀ dáadáa ní ọdún 1881. Ó fi omi kan tó ń tètè hó sínú àpò irin pẹlẹbẹ kékeré. Bí àpótí bá gbóná jù, omi náà á di ooru, àpò á wú, á ti ọ̀pá kan sókè, ọ̀pá á sì ṣí ìdérí kan kí ooru àtùpà lè gba ibòmíràn jáde. Bí ó bá tutù, àpò á sọ̀. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, ní 1879, Lyman Byce àti Isaac Dias ti ṣe inkubétọ̀ tiwọn ní Petaluma ní Kálífóníà, ìlú náà sì di ibùdó adìẹ tó lókìkí. Nígbà tí iná mànàmáná dé, wọ́n fi fáànù kún un, ooru wá ń yí ká gbogbo àpótí dọ́gba. Àpótí pẹlẹbẹ tí a gbà ní abúlé, ọmọ ọmọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ni. Ó ní fáànù, ó ní tẹmosítáàtì tó ń mú ooru dúró sí dígíríì 37.5. Èyí tí kò bá ní fáànù, ooru á kó sókè, ìsàlẹ̀ á tutù. Irú ìyẹn, orí ẹyin ni wọ́n ń gbé tẹmómítà sí, wọ́n á sì jẹ́ kó ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní nǹkan bíi 38.5.

Nítorí náà, ooru kọ́ ló bà tiwa jẹ́. Ohun méjì ló kù: yíyí ẹyin àti ọ̀rinrin.

Ti yíyí rọrùn láti sọ. Pupa ẹyin tí ọlẹ̀ wà lórí rẹ̀ fúyẹ́ ju funfun ẹyin lọ, nítorí náà ó máa ń léfòó sókè. Bí ẹyin bá wà lójú kan fún ọjọ́ díẹ̀, ọlẹ̀ á léfòó títí yóò fi kan awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ti lẹ̀, kò ní dàgbà dáadáa mọ́. Yíyí tún ń jẹ́ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ká gbogbo ẹyin kí ọlẹ̀ lè rí funfun ẹyin lò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí le jù. Ẹ̀rọ wa kì í dá ẹyin yí, ọwọ́ la fi ń yí i. A fi pẹ́ńsùlù kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan àti O sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ń yí i láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ìdí tí ó fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, tí kò fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ni pé alẹ́ ló gùn jù tí ẹyin á fi wà lójú kan. Bí iye náà kò bá ṣeé pín sí méjì, ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè lóru àná kọ́ ló máa wà lókè lóru òní. Ẹ má yí i sí ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà gbogbo, ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ dáwọ́ dúró, nítorí pé òròmọdìẹ ti ń wá ibi tí yóò kọ orí sí láti jáde.

A ṣe gbogbo èyí. Ọ̀kan nínú wa kàn sùn gbàgbé yíyí alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì (a ò ní dárúkọ rẹ̀). Ìyẹn náà kọ́ ló pa òròmọdìẹ 15.

Ìyá Àgbà ló ní kí a fọ́ àwọn tí kò pa. A ti yọ ẹyin 5 tí kò ní ọlẹ̀ kúrò ní ọjọ́ keje, nígbà tí a fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n nínú òkùnkùn. Ẹyin tó dára máa ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn bíi ẹsẹ̀ aláǹtakùn, àwọn 5 yẹn mọ́ gbàlàgbàlà. Àwọn 15 tó kù, púpọ̀ nínú wọn ni òròmọdìẹ tó ti pé tán. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ èèpo lu. Ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́ inú ẹyin ti gbẹ bíi rọ́bà, ó fún mọ́ wọn lára, wọn ò lè yí orí láti gé èèpo yíká. Gbígbẹ ló pa wọ́n.

Èèpo ẹyin ní ihò kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni omi ti ń gba ibẹ̀ fẹ́ lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ lọ, nítorí pé ibi tí omi ti kúrò ni yàrá afẹ́fẹ́ ti ń fẹ̀ sí i ní ìdí ẹyin tó gbòòrò, inú yàrá yẹn ni òròmọdìẹ ti ń mí èémí àkọ́kọ́ kó tó sọ èèpo. Bí omi kò bá lọ tó, yàrá á kéré, òròmọdìẹ á wú, á sì rì sínú omi ara rẹ̀. Bí ó bá lọ jù, ohun tó ṣe tiwa á ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀n tó dára ni pé, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejìdínlógún, ẹyin ti pàdánù nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Láti rí èyí, ọ̀rinrin inú àpótí yẹ kó wà ní nǹkan bí 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, kí ó sì gòkè sí 65 tàbí 70 ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn kí awọ má baà gbẹ nígbà tí wọ́n bá ń jáde.

Ìwé kékeré tó bá ẹ̀rọ náà wá ní kí a da omi sí ojú ọ̀nà omi kan. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ọyẹ́. Nígbà tí ètè ènìyàn ń là, tí ilẹ̀kùn onígi ń sún kì, omi ojú ọ̀nà kan kò lè tó. A tún dá kún un: ní ọjọ́ ogún àti ọjọ́ mọ́kànlélógún, inú wa dùn dé ibi pé a ń ṣí ìdérí ní gbogbo wákàtí láti wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i ni ọ̀rinrin ń fẹ́ jáde pátápátá.

Báwo wá ni adìẹ ṣe ṣe tirẹ̀ nínú ọyẹ́ kan náà? Ara rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ dé ẹyin mọ́lẹ̀, ooyì tó ń jáde lára ẹyin kò ráyè sá lọ bọ̀rọ̀. Agbọ̀n rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, iyanrìn tó tutù díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń ṣí i wò.

Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, a padà lọ. Ìyá Àgbà gbà kí a fi ẹyin 36 mìíràn dán an wò, a sì ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. A fi àmì sí ẹyin mẹ́wàá, a wọ̀n wọ́n pọ̀: gíráàmù 400. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 48, èyí tó túmọ̀ sí pé ní ọjọ́ kejìdínlógún kí wọ́n wúwo tó 352. Bí ó bá ń lọ bó ṣe yẹ, gíráàmù 16 ló yẹ kó dín ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ kẹfà, a wọ̀n wọ́n: 376. Gíráàmù 24 ti lọ dípò 16. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 72 ló máa lọ, ohun tó ṣe wá lákọ̀ọ́kọ́ tún fẹ́ ṣe wá. A da omi sí ojú ọ̀nà kejì, a sì fi fóòmù tó mu omi sí igun kan. Ẹ jọ̀ọ́, fífẹ̀ omi ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe jíjìn rẹ̀. Omi jíjìn nínú ife kékeré kò lè ṣe ohun tí omi pẹlẹbẹ tó fẹ̀ máa ṣe. Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n jẹ́ 364. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, 351. Ọkàn wa balẹ̀. A fi omi kún un sí i, a ti ìdérí, a sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà fún Ìyá Àgbà pé kó má fún wa títí di ọjọ́ kejìlélógún.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, iná ti lọ fún wákàtí márùn-ún. Ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n a rántí pé adìẹ máa ń dìde, a sì rántí ará Íjíbítì tó ń pa iná. Ẹyin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ní ooru tirẹ̀. A fi aṣọ òtútù bo àpótí, a fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, a to ìgò omi gbígbóná yí i ká. Tẹmómítà wálẹ̀ dé 31 kí iná tó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé wọ́n fi bí ọjọ́ kan pẹ́. Gbígbóná jù ló yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù: bí àpótí bá lọ sí 40 tó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ọ̀pọ̀ ló máa kú, kò sí ohun tó lè jí wọn. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ojú fèrèsé lè bà lé.

Ẹyin 4 kò ní ọlẹ̀. Òròmọdìẹ 23 ló jáde. Ó ku ẹyọ kan ká bá oníṣẹ́ ààrò ará Íjíbítì dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀, tí Ìyá Àgbà rò. Ẹ̀rọ lè pa ẹyin, kò lè tọ́ ọmọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan tí òròmọdìẹ fi nílò ooru, gílóòbù ni wọ́n fi ń ṣe é fún àwọn adìẹ agíríkì. Àwọn adìẹ agíríkì wọ̀nyẹn kì í fẹ́ sàba mọ́ rárá, nítorí pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí, àwọn tó kọ̀ láti sàba tó sì ń yé lọ ni wọ́n ń yàn láti mú irú wọn bí. Ti ìbílẹ̀ ṣì ń sàba. Ìyá ti fi àgbébọ̀ méjì sàba ní ọjọ́ kan náà tí a kó ẹyin sínú àpótí, láìsọ fún wa. Ọ̀kan pa 8, èkejì pa 7. Ní alẹ́ ọjọ́ kejìlélógún, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tí adìẹ kò ríran mọ́, Ìyá kó àwọn ti àpótí sínú igbá, ó ń tì wọ́n sábẹ́ àwọn adìẹ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pín wọn títí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fi di 19.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbébọ̀ méjèèjì kó wọn jáde sí àgbàlá. A gbìyànjú láti mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ nínú wọn. A ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ní kí a fi wọ́n sílẹ̀, kí a lọ fọ àpótí náà kó tó di pé òórùn rẹ̀ kún ilé.